Ààlà Àṣìṣe Fún Èsì Ìwádìí Tí Ẹ Rí Nínú Fọ́tò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹnìkan jókòó sí ìpàdé, ó gbé fóònù sókè, ó ya àtẹ èsì ìwádìí tó wà lójú ògiri, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí kò sí níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi bèèrè pé, ṣé èsì yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀? Fọ́tò kan ṣoṣo ni màá fi dáhùn gbogbo ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ohun tí wọ́n bi àwọn ènìyàn ni pé, ṣé ó yẹ kí ilé ìkàwé máa ṣí títí di alẹ́? Ohun tó hàn nínú fọ́tò náà nìyí:

```
Bẹ́ẹ̀ ni         56.3%
Rárá            38.5%
Kò tíì pinnu     5.3%

n = ?00
```

Ìmọ́lẹ̀ iná yàrá ti bo nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé n. Ó lè jẹ́ 4, ó sì lè jẹ́ 1.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ wá nínú fọ́tò kí n tó fọwọ́ kan kakulétọ̀?

Ẹ wá iye ènìyàn tó dáhùn. Òun ni lẹ́tà n dúró fún. Ìdá tí wọ́n kọ gàdàgbà gàdàgbà, 56.3%, ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ sí, ṣùgbọ́n ìdá yẹn nìkan kò lè sọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe dájú tó. Ènìyàn 9 nínú 16 jẹ́ 56.3%. Ènìyàn 2,250 nínú 4,000 náà jẹ́ 56.3%. Èkíní kò tó ohun tí ènìyàn ń gbára lé, èkejì sì lágbára gan-an.

Ìsàlẹ̀ àtẹ, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, ni iye ènìyàn sábà máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó ń ya fọ́tò máa ń gé kúrò. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ bi ẹni tó ya fọ́tò náà bóyá ó ní òmíràn tó gbòòrò ju èyí lọ. Ẹ tún ka gbólóhùn tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ n dáadáa. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn tó ti wọ ilé ìkàwé lọ́dún yìí nìkan ni wọ́n bi ní ìbéèrè yìí, iye àwọn yẹn ni n tiyín, kì í ṣe iye gbogbo àwọn tó kópa nínú ìwádìí. Ibi tí mo ti rí i tí ìṣirò ń yà sọ́nà jù lọ nìyí: ènìyàn á mú nọ́ńbà tó tóbi jù lójú ìwé, á sì fi pín ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nọ́ńbà tí ìmọ́lẹ̀ bò yẹn ńkọ́? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá 400 ni tàbí 100?

Àwọn ìdá náà á sọ fún yín. Ènìyàn kì í dáhùn ní ìlàjì. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn 100 ló dáhùn, ẹni kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1% géérégé, nítorí náà 56% tàbí 57% ni ẹ lè rí. Kò sí bí 56.3% ṣe lè jáde láti inú ènìyàn 100. Bí ó bá jẹ́ 400, ẹnìkan jẹ́ 0.25%, a sì lè wá iye ènìyàn tó wà nídìí ìdá kọ̀ọ̀kan. 0.563 × 400 jẹ́ 225.2, èyí tó sún mọ́ 225. Ẹ wá dán an wò padà: 225 ÷ 400 jẹ́ 56.25%, tí wọ́n yí sókè di 56.3%. Ó bára mu.

Ẹ má ṣe dúró sórí ìlà kan. Ìlà kejì, 38.5%, jẹ́ 154 nínú 400, láìsí àfikún tàbí àyọkúrò. Ìlà kẹta, 21 ÷ 400, jẹ́ 5.25%, tó di 5.3%. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 225 + 154 + 21 jẹ́ 400. Báyìí, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jẹ́rìí sí 4 tí ìmọ́lẹ̀ bò.

Iṣẹ́ tí mo ṣe yìí lérè. Ká ní a ka n sí 100, ààlà àṣìṣe, ìyẹn iye tí ìdá inú fọ́tò lè fi ga tàbí kéré ju ìdá tòótọ́ lọ, á fò lọ sí pọ́ìntì 9.7, àlàfo tí ìdá tòótọ́ ti lè wà á sì lọ láti 46.6% dé 66.0%. Ìdajì á wà nínú rẹ̀, a kò sì ní lè sọ pé àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni pọ̀ ju ìdajì lọ. Nọ́ńbà kan tí kò hàn ló máa yí ìdáhùn padà.

Ẹ̀rí yìí ní ibi tó mọ. Bí àwọn olùwádìí bá ti fún ìdáhùn àwọn kan ní ìwọ̀n tó ju ti àwọn mìíràn lọ, kí àwọn tí wọ́n bi lè jọ gbogbo àwùjọ, ìdá kò ní bá iye ènìyàn mu géérégé mọ́. Bí n bá sì pọ̀ débi pé ẹnìkan kéré sí 0.1%, ìyẹn bí ó bá ti lé ní 1,000, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìdá tí wọ́n kọ bíi 56.3% ló máa bá a mu, ọgbọ́n yìí kò sì ní yọ ohunkóhun dànù.

Mo ro ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo rí 100.1%. Ṣé wọ́n ṣì í ni?

Rárá. 56.25 àti 5.25 ni wọ́n yí sókè, ìdajì ìdá kan nínú mẹ́wàá sì jáde níbi kọ̀ọ̀kan. 99.9% àti 100.1% kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí ó bá lọ sí 130%, ìyẹn túmọ̀ sí pé wọ́n gba àwọn tó ń dáhùn láyè láti mú ju ìdáhùn kan lọ. Ìṣirò ìlà kọ̀ọ̀kan ṣì dúró, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ìlà kan wé èkejì pẹ̀lú ọ̀nà tí màá sọ níwájú.

Ó dáa. Báwo ni mo ṣe máa ṣírò àlàfo ìdánilójú náà gan-an?

Ìlànà tí gbogbo ènìyàn ń lò nìyí:

```
E = z × √( p × (1 − p) / n )
```

E ni ààlà àṣìṣe. p ni ìdá tí a kọ bíi nọ́ńbà láàárín 0 àti 1. z jẹ́ 1.96 bí a bá fẹ́ ìdánilójú 95%, òun sì ni wọ́n máa ń lò bí wọn kò bá sọ ohun mìíràn. Ẹ jẹ́ ká mú ìlà bẹ́ẹ̀ ni. p jẹ́ 225 ÷ 400, ìyẹn 0.5625. Èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ 0.4375. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, ẹ máa rí 0.2461. Ẹ fi 400 pín in, ó di 0.000615. Ẹ tẹ bọ́tìnì √ lórí rẹ̀, ó di 0.0248. Ẹ wá fi 1.96 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.0486. Ààlà àṣìṣe yín jẹ́ pọ́ìntì 4.9.

Àlàfo náà bẹ̀rẹ̀ láti 0.5625 − 0.0486, ó sì parí sí 0.5625 + 0.0486. Ìyẹn jẹ́ 51.4% sí 61.1%. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ro 56.3 pọ̀ mọ́ 4.9 máa rí 61.2, nítorí pé ó ti gé nọ́ńbà rẹ̀ kúrú kó tó débi ìparí. Ìdí nìyí tí mo fi ń padà sí iye ènìyàn, 225, dípò kí n lo ìdá tí wọ́n tẹ̀ sójú àtẹ. Gbogbo ìṣirò ni kí ẹ ṣe tán kí ẹ tó gé nọ́ńbà.

Ẹni tó bá ní Python lórí kọ̀ǹpútà lè fi èyí yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò:

```python
from math import sqrt
x, n, z = 225, 400, 1.96
p = x / n
e = z * sqrt(p * (1 - p) / n)
print(round(p - e, 3), round(p + e, 3))
```

Ó máa tẹ 0.514 àti 0.611 jáde.

Kí ni 95% yẹn túmọ̀ sí? Ṣé 95% àwọn ènìyàn ló wà nínú àlàfo náà?

Ó tì o. Kò sọ nǹkan kan nípa ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Ìdá tòótọ́ kan wà ní gbogbo àwùjọ, tí à bá rí ká ní a lè bi gbogbo wọn pátá. Ìdá yẹn dúró sójú kan, a kàn kò mọ̀ ọ́n ni. Ohun tó ń yí padà ni àwọn 400 tó bọ́ sí wa lọ́wọ́. Bí a bá tún ìwádìí náà ṣe lọ́tun, àwọn 400 mìíràn la máa bá pàdé, a lè rí 54% tàbí 58%, àlàfo wa á sì yí díẹ̀. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, nǹkan bí 95 nínú 100 àlàfo tí a bá ṣírò ló máa gba ìdá tòótọ́ náà sínú. Márùn-ún yòókù á tàsé rẹ̀, a kò sì ní mọ èyí tó tàsé nínú wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ ìdánilójú tó ju bẹ́ẹ̀ lọ á lo z tó tóbi jù, 2.576 fún 99%. Fún ìlà wa, ààlà náà á gbòòrò láti 4.9 sí 6.4. Bí 90% bá tó o, z jẹ́ 1.645, ààlà á sì dín kù sí 4.1. Àwọn tó ń gbé èsì jáde kan máa ń lo 90% kí ààlà wọn lè dà bí èyí tó kéré, láìkọ ọ́ síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ààlà àṣìṣe nínú fọ́tò, tí ẹ sì mọ n, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín kí ẹ rí bóyá ó bá 1.96 mu.

Fọ́tò tèmi kò ní n rárá, ṣùgbọ́n wọ́n kọ "±4.9%" síbẹ̀. Ṣé mo lè wá n láti ibẹ̀?

Ẹ lè ṣe é. Ààlà kan ṣoṣo tí wọ́n bá kọ fún odindi ìwádìí sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ṣírò pẹ̀lú p tó jẹ́ ìdajì, nítorí pé ibẹ̀ ni ààlà ti ń gbòòrò jù lọ. Ẹ yí ìlànà náà padà:

```
n = z² × 0.25 / E²
```

Bí a bá fi 1.96 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó jẹ́ 3.8416. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 0.9604. E jẹ́ 0.049, ó sì di 0.002401 bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Pín wọn, ẹ máa rí 400. Àmọ́ 4.9 fúnra rẹ̀ lè jẹ́ 4.85 tàbí 4.95 kí wọ́n tó gé e, nítorí náà ohun tí ẹ lè sọ ní tòótọ́ ni pé n wà láàárín nǹkan bí 392 àti 408. Bí ó bá jẹ́ pé "±5%" ni wọ́n kọ, tí wọ́n ti gé e mọ́ nọ́ńbà odidi, ohun tó wà láàárín 4.5 àti 5.5 ló lè jẹ́, n sì lè wà níbikíbi láàárín nǹkan bí 318 àti 474. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé 385 ni, kí ẹ dúró síbẹ̀.

Kò sí nọ́ńbà nínú fọ́tò tèmi, ọ̀pá ló wà níbẹ̀. Ṣé mo lè wọn ọ̀pá?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí àmì ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá hàn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá láti 0 ni ìwọ̀n náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 40 kí ìyàtọ̀ lè dà bí èyí tó pọ̀. Lẹ́yìn náà, bí fọ́tò náà bá wọ́, ẹ tọ́ ọ kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dọ́gba kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, nítorí pé ọ̀pá tó wà lápá ibi tí kámẹ́rà sún mọ́ máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, ẹ ṣì lè fi pọ́ìntì kan ṣì í. Ìyẹn kò burú jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà 4.9. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà pọ́ìntì 1, ó burú, ó sì dáa kí ẹ wá àtẹ náà fúnra rẹ̀.

Ṣé ìlànà kan náà ni mo máa lò fún ìlà "Kò tíì pinnu," tó jẹ́ 5.3%?

Ẹ lè lò ó, àmọ́ òmíràn wà tó sàn jù. Ìlànà tí a lò lókè gbà pé àṣìṣe lè lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ bákan náà. Nítòsí ìdajì, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Nítòsí 0 tàbí 100%, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ògiri wà lápá kan: ìdá kò lè sọ̀kalẹ̀ kọjá 0. Fún ènìyàn 21 nínú 400, ìlànà àkọ́kọ́ máa fún yín ní 3.1% sí 7.4%.

Onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà kan, Edwin Wilson, gbé ọ̀nà mìíràn jáde ní 1927. Ọ̀nà rẹ̀ máa ń fa àárín àlàfo náà díẹ̀ sápá ìdajì, ó sì máa ń jẹ́ kí apá kan gùn ju èkejì lọ:

```
àárín = (p + z²/(2n)) / (1 + z²/n)
apá   = z × √( p(1−p)/n + z²/(4n²) ) / (1 + z²/n)
```

Ẹ mú àárín, ẹ yọ apá kúrò, ẹ sì tún fi kún un. Fún 21 nínú 400, àárín jẹ́ 0.0568, apá sì jẹ́ 0.0222. Àlàfo náà di 3.5% sí 7.9%. Ẹ wò ó pé láti 5.25%, ó sọ̀kalẹ̀ 1.8, ó sì gòkè 2.6. Bó ṣe yẹ kó rí fún ìdá kékeré nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù ni ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ènìyàn 20 dáhùn, tí odo nínú wọn sì gbà. Ìlànà àkọ́kọ́ máa sọ pé ààlà àṣìṣe jẹ́ 0, bí ẹni pé a ti bi gbogbo ayé. Ti Wilson máa sọ pé ìdá tòótọ́ lè tó 16%. Èmi a máa lo ti Wilson nígbàkígbà tí ènìyàn tó wà ní apá kan bá kéré sí mẹ́wàá, tàbí tí n bá kéré. Kò sì sí ohun tó burú nínú kí ẹ máa lò ó nígbà gbogbo. Fún ìlà bẹ́ẹ̀ ni tiwa, ìyàtọ̀ tó máa mú wá kò tó nǹkan.

Ṣé a lè sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni" ń ṣíwájú "Rárá"? Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ pọ́ìntì 17.8.

A lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ààlà 4.9 kọ́ ni a fi ń wọn ìyàtọ̀. Ọwọ́ àwọn ènìyàn kan náà ni ìdáhùn méjèèjì ti wá. Ẹni tó bá kúrò ní rárá tó lọ sí bẹ́ẹ̀ ni máa dín ọ̀kan kù, á sì fi kún èkejì, nítorí náà ìyàtọ̀ máa ń mì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì ìdá kọ̀ọ̀kan. Ìlànà rẹ̀ nìyí:

```
E = z × √( (p1 + p2 − (p1 − p2)²) / n )
```

p1 + p2 jẹ́ 0.9475. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.1775, ó sì di 0.0315 bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ yọ ọ́, ó ku 0.9160. Ẹ fi 400 pín in, ẹ mú √ rẹ̀, ẹ fi 1.96 sọ ọ́ di púpọ̀: 0.0938. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ pọ́ìntì 17.8, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 9.4, nítorí náà ìṣíwájú tòótọ́ wà láàárín nǹkan bíi 8 àti 27. Odo kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ń ṣíwájú.

Ká ní 48% àti 41% ni wọ́n rí lọ́wọ́ ènìyàn 400 kan náà ńkọ́? Ìyàtọ̀ jẹ́ 7, ó sì ju 4.9 lọ, ọ̀pọ̀ á sì ti kéde pé ẹnìkan ti borí. Ààlà ìyàtọ̀ náà jẹ́ pọ́ìntì 9.2. Kò sí ẹni tí a lè sọ pé ó borí níbẹ̀.

Apá kejì fọ́tò náà fi èsì àwọn ọ̀dọ́ nìkan hàn: 60%. Ààlà àṣìṣe wọn ńkọ́?

Iye àwọn ọ̀dọ́ ni n tiwọn. Bí wọ́n bá jẹ́ 80 nínú 400, ààlà tiwọn jẹ́ pọ́ìntì 10.7. Tí fọ́tò náà kò bá sọ iye wọn, a kò lè ṣírò rẹ̀, kò sì yẹ kí a yá 4.9 ti gbogbo ìwádìí fún wọn.

Ènìyàn mélòó ni mo nílò bí mo bá fẹ́ tún ìwádìí náà ṣe kí ààlà rẹ̀ má ju pọ́ìntì 3 lọ?

Ìlànà kan náà ni, a kàn yí i kí n lè dá dúró:

```
n = z² × p × (1 − p) / E²
```

Bí ẹ kò bá mọ p tẹ́lẹ̀, ẹ fi 0.5 sí i. 3.8416 × 0.25 ÷ 0.0009 jẹ́ 1,067.1. Òkè la máa ń yí i sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀, nítorí náà ó jẹ́ ènìyàn 1,068. Ìdí tí a fi ń lo ìdajì ni pé p × (1 − p) ga jù níbẹ̀, 0.25. Bí p bá jẹ́ 0.3, ó di 0.21. Bí ó bá jẹ́ 0.1, ó di 0.09. Ẹni tó bá ti lo ìdajì kò ní rí ààlà tó ju èyí tó ṣèlérí lọ, ibi yòówù kí èsì já sí.

A ti ní fọ́tò lọ́wọ́ báyìí, a sì lè fi 0.5625 inú rẹ̀ ṣe é. Ó máa fún wa ní 1,051. Ènìyàn 17 péré la fi dín kù, nítorí náà n kò rí ìdí tí ènìyàn fi máa lo nọ́ńbà inú fọ́tò níbí. Ó máa wúlò bí ìdá inú fọ́tò bá jẹ́ nǹkan bíi 10%, níbi tí iye ènìyàn á ti dín kù sí 385, àmọ́ ẹ ránti pé 10% yẹn náà ní ààlà tirẹ̀. Ẹ lo etí àlàfo rẹ̀ tó sún mọ́ ìdajì jù.

Ohun tó máa ń ya àwọn tó ń sanwó ìwádìí lẹ́nu ni bí ààlà ṣe ń wọ́nwó. Láti pọ́ìntì 4.9 sí 3, a gòkè láti 400 sí 1,068. Láti 4 sí 2, iye ènìyàn di ìlọ́po mẹ́rin, láti 601 sí 2,401. Fún pọ́ìntì 1, ẹ nílò 9,604. E tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ló wà nísàlẹ̀ ìlànà náà, ìdí nìyẹn tí ìdajì ààlà fi ń gba ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́.

Àwọn tó dáhùn sì ni 1,068 yẹn. Bí ẹ bá mọ̀ pé mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló máa ń dáhùn, ẹ pín 1,068 pẹ̀lú 0.6, kí ẹ kàn sí ènìyàn 1,780.

Kò sí ibì kankan tí ẹ ti lo iye gbogbo àwùjọ. Ṣé 1,068 ló tó fún ìlú ńlá àti abúlé bákan náà?

Bí àwùjọ bá ti tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ẹ máa bi, bẹ́ẹ̀ ni. Mílíọ̀nù kan tàbí mílíọ̀nù 100, kò ní yí nǹkan padà tó bẹ́ẹ̀. Ó máa yí i padà bí àwùjọ náà bá kéré, nítorí pé nígbà náà ẹ ti ń bi apá tó pọ̀ nínú gbogbo wọn. Ká ní ènìyàn 2,000 péré ló ní káàdì ilé ìkàwé náà:

```
n = 1068 / (1 + 1067/2000) = 696.4
```

Ènìyàn 697 ti tó. Bí àwọn tí ẹ máa bi kò bá tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwùjọ, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú àtúnṣe yìí.

Kí ni ààlà àṣìṣe kò lè rí?

Ó pọ̀, ó sì ń dùn mí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ka "±4.9" bí ẹni pé gbogbo àṣìṣe ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó ń tọ́ka sí ni èyí tó wá láti inú pé apá kan la bi, kì í ṣe gbogbo wọn, ó sì gbà pé ẹnikẹ́ni nínú àwùjọ ló ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú àwọn 400 yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé ìkàwé ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ti ń bi àwọn ènìyàn, àwọn tó fẹ́ràn ilé ìkàwé ni wọ́n bi. Kò sí n tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ní Amẹ́ríkà ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ènìyàn láti mọ ẹni tó máa di ààrẹ. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 tó dá a padà. Bí ẹ bá fi iye yẹn sínú ìlànà wa, ààlà àṣìṣe kò tó 0.1. Wọ́n kéde pé Landon máa borí pẹ̀lú 57%. Roosevelt ló wọlé, pẹ̀lú ìbò tó lé ní 60%. Inú ìwé tẹlifóònù àti orúkọ àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ orúkọ, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ aláìní kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, àwọn tó sì dá káàdì padà kò jọ àwọn tí kò dá a padà.

Nítorí náà, ẹ wò ó bóyá fọ́tò náà sọ bí wọ́n ṣe yan àwọn tí wọ́n bi. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fi ìbéèrè síta tí ẹni tó bá wù ú dáhùn, ẹ lè ṣírò 4.9 náà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó so ó mọ́ gbogbo àwùjọ.

Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́tò pé wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí ìwọ̀n ìdáhùn. Kí ni mo máa ṣe?

Àtúnṣe yẹn máa ń jẹ́ kí ààlà gbòòrò ju èyí tí ìlànà wa fún yín lọ. Bí wọ́n bá sọ iye tí a ó fi pín n nítorí àtúnṣe náà, bóyá 1.5, ẹ pín in kí ẹ tó ṣírò: 400 ÷ 1.5 jẹ́ 267, ààlà á sì di pọ́ìntì 6.0. Bí wọn kò bá sọ ọ́, ẹ kọ 4.9 sílẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn pé ó kéré tán.

Báwo ni mo ṣe máa kọ èsì náà fún àwọn tó fi fọ́tò ránṣẹ́?

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí: "Nínú ènìyàn 400 tó dáhùn, 225, ìyẹn 56.3%, ló fẹ́ kí ilé ìkàwé máa ṣí títí di alẹ́. Àlàfo ìdánilójú 95% jẹ́ 51.4% sí 61.1%. Inú fọ́tò ni a ti ka àwọn nọ́ńbà yìí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú 400 kò hàn dáadáa, a fi ìdá ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá a. Fọ́tò náà kò sọ bí wọ́n ṣe yan àwọn tí wọ́n bi." Ẹ fi fọ́tò náà mọ́ ọn, láìgé etí rẹ̀ kankan, kí ẹlòmíràn lè fi ojú ara rẹ̀ ka n.